Òrí Níwájú Ike, Omi àti Òróró Rọ̀bì Nínú Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Àkọlé Ẹ̀yìn Ìpara Irun

Ọ̀rọ̀ irun ni mo gbé wá lónìí, pàápàá irun tiwa tó ká kókó. Ẹ mọ irú rẹ̀: bí ẹ bá fa ẹyọ kan gùn tí ẹ sì fi í sílẹ̀, á ká padà wìì bíi wáyà kékeré inú bíìrò.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin ra ìpara irun kan ní ₦6,500. Ike 300 gíráàmù ni. Wọ́n ya èso òrí àti àgbọn tí wọ́n là sí méjì síwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ìpara òrí àti òróró àgbọn ni. Àwọ̀ rẹ̀ gan-an pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti òrí. Àbúrò mi ń fi í sí irun lójoojúmọ́, kì í sì í fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìpàkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀yìn etí rẹ̀ ti pọ́n, kò rí oorun sùn dáadáa mọ́, irun ìpàkọ́ sì ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ bó ṣe ń họ ọ́. Màmá wa ní òrí ni kò bá a lára mu. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì búra pé òun ò ní fi òrí kan ara òun mọ́ láyé.

Èmi ni mo yí ike náà sẹ́yìn. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ló bí àròkọ yìí, torí òrí tí gbogbo wa ń bá wí, díẹ̀ bíńtín ló wà nínú ìpara náà.

Kí ni irun tó ká kókó ń fẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wá kiri ká tó lọ sọ́jà. Awọ orí gbogbo èèyàn ló máa ń sun òróró díẹ̀díẹ̀. Lára irun tó tọ́ gbọọrọ, òróró yẹn máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí irun títí dé ṣóńṣó. Lára irun tó ká, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni, òróró náà kì í sì í dé ọ̀ọ́kán. Ìdí nìyẹn tí awọ orí wa fi lè máa dán nígbà tí ṣóńṣó irun gbẹ bí igi ìdáná. Ibi tí ẹyọ irun ti ń yí náà ni agbára rẹ̀ ti kéré, ibẹ̀ ló sì ti máa ń ṣẹ́ bí a bá yà á ní gbígbẹ.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni irun wa ń wá. Àkọ́kọ́ ni omi, torí omi ló ń jẹ́ kó rọ̀. Èkejì ni ohun tí yóò bo omi náà mọ́lẹ̀ kó má tètè fẹ́ lọ. Òróró àti òrí, iṣẹ́ kejì yìí ni wọ́n ń ṣe. Òróró kì í ṣe omi, ẹni tó bá sì ń da òróró sórí irun gbígbẹ, gbígbẹ náà ló ń bò mọ́lẹ̀.

Ìpara irun tó dára máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Ìbéèrè wa ni pé: èyí tó wà nínú ike yìí, kí ni ó fi ń ṣe é, ṣé owó tí a san sì tó bẹ́ẹ̀?

Ìlà tí òtítọ́ wà

Iwájú ike ni wọ́n ti ń polówó. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí, ni kí ẹ máa wò. Ohun tí mo kà lẹ́yìn ike àbúrò mi nìyí:

```
Aqua, Paraffinum Liquidum, Cetearyl Alcohol, Petrolatum,
Glycerin, Behentrimonium Chloride, Parfum, Phenoxyethanol,
Butyrospermum Parkii Butter, Cocos Nucifera Oil,
Methylisothiazolinone, CI 19140
```

Ẹ má jẹ́ kí àwọn orúkọ yìí bà yín lẹ́rù. Orúkọ tí àwọn tó ń ṣe èròjà ìpara fẹnu kò sí káàkiri ayé ni, kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè ka ohun kan náà. Orúkọ igi ni wọ́n sì sábà máa ń fi pe òróró inú igi. `Butyrospermum Parkii` ni òrí. `Parkii` tó wà ńbẹ̀ wá láti ara orúkọ Mungo Park, òyìnbó ará Sìkọ́tíláǹdì tó rin ìrìn àjò lọ sí odò Ọya. `Cocos Nucifera` ni àgbọn. Òróró lárà, `Ricinus Communis` ni ẹ máa bá. Àdín tí àwọn ìyá wa ń fi pa ọmọ lára, `Elaeis Guineensis Kernel Oil` ni, torí inú èkùrọ́ ló ti wá.

Òfin kan ló wà lẹ́yìn ìlà yìí tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé: èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń kọ ṣìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé èyí tó jẹ́ 1%. Àwọn tí kò ju 1% lọ, wọ́n lè tò wọ́n bó ṣe wù wọ́n. Àró tó ń fún un ní àwọ̀ sì lè wà ní ìparí pátápátá.

Ibo wá ni 1% yẹn wà? Wọn kì í fa ìlà sí i fún wa, àmọ́ a lè wá a rí. Ẹ wá `Phenoxyethanol`. Ohun tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ ni. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí ó ju 1% lọ nínú ìpara, àwọn tó ń ṣe ìpara níbòmíì náà sì sábà máa ń bá òṣùwọ̀n yẹn lọ. Ó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tí ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ju 1% lọ, torí ká ní ó jù bẹ́ẹ̀, iwájú rẹ̀ ni wọn ì bá kọ ọ́ sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Òrí wà lẹ́yìn `Phenoxyethanol`. Àgbọn náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún 300 gíráàmù jẹ́ 3 gíráàmù. Nítorí náà, ó pọ̀ jù, òrí inú ike náà jẹ́ 3 gíráàmù, òróró àgbọn náà 3 gíráàmù. Ṣíbí tíì kan gba òróró tó ju ìyẹn lọ. ₦6,500 ni àbúrò mi san fún òrí tí kò kún ṣíbí tíì!

Kí ló wá kún ike náà? Omi ni àkọ́kọ́, ìyẹn `Aqua`. Ìyẹn ò burú rárá, ṣebí omi ni irun ń wá. Èkejì ni `Paraffinum Liquidum`, òróró tí wọ́n yọ láti inú epo rọ̀bì, tí wọ́n sì sẹ́ títí ó fi mọ́. `Petrolatum` ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí fasilíìnì, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Àwọ̀ pípọ́n tó dà bí òrí yẹn ńkọ́? `CI 19140` tó kẹ́yìn ni. Àró aláwọ̀ ìyeyè ni.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò sọ pé òróró rọ̀bì jẹ́ májèlé. Èyí tí wọ́n sẹ́ dáadáa fún ìpara kì í ṣe awọ ara ní nǹkan, ó sì mọ omi bò mọ́lẹ̀ gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó fasilíìnì ló yẹ ká san fún fasilíìnì, kì í ṣe owó òrí.

Ọtí kan yàtọ̀ sí òmíràn

Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé ọtí líle máa ń gbẹ irun, bí wọ́n bá ti rí `Alcohol` lẹ́yìn ike báyìí, wọ́n á dá a padà sórí àtẹ. Ẹ rọra ṣe. `Cetearyl Alcohol`, `Cetyl Alcohol` àti `Stearyl Alcohol` kì í ṣe irú ọtí yẹn. Ọ̀rá líle bí àbẹ́là ni wọ́n, àwọn ló ń mú kí ìpara ki, tí irun fi ń yọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń yà á. Irun tó ká kókó fẹ́ràn wọn.

Èyí tó ń gbẹ irun ni `Alcohol Denat.` àti `Isopropyl Alcohol`, àwọn tó máa ń fẹ́ lọ wàràwàrà bíi sípírítì ilé ìwòsàn. Ipò tí wọ́n wà nínú ìlà tún ṣe pàtàkì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà ní ipò kejì tàbí ìkẹta nínú ohun tí ẹ kò ní fọ̀ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òpin ìlà ló wà, ó kéré ju ohun tó lè pa irun lára lọ.

Ta ló ń yún àbúrò mi?

Ẹ tún wo ìlà yẹn. Ẹni tó kẹ́yìn kí á tó kan àró ni `Methylisothiazolinone`. Bí orúkọ náà ṣe gùn tó yẹn, díẹ̀ kín-ún ni wọ́n ń fi sínú ìpara, àmọ́ díẹ̀ yẹn tó láti dá wàhálà sílẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́.

Ohun tó gbé e débẹ̀ ni pé gbogbo ìpara tí omi bá wà nínú rẹ̀ ló nílò ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Omi ni bakitéríà àti olú wínníwínní ń gbé. Ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ta ìpara tí `Aqua` ṣáájú nínú rẹ̀, tó wá ń fọ́nnu pé òun kò fi ohunkóhun tó ń dènà ìbàjẹ́ sí i, ẹ sá fún un. Ìpara yẹn lè ti bu kí ẹ tó lò ó dé ìdajì. Òrí tàbí òróró gidi tí kò ní omi nìkan ni kò nílò rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń dènà ìbàjẹ́ pé oríṣi. `Phenoxyethanol`, `Sodium Benzoate` àti `Potassium Sorbate` kì í sábà bá awọ ara jà. `Methylisothiazolinone` jẹ́ oníjọ̀ngbọ̀n. Àwọn dókítà awọ ara ní Yúróòpù rí i pé iye àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ ń pọ̀ sí i, ni wọ́n bá fòfin dè é láti ọdún 2017 nínú gbogbo ìpara tí a kì í fọ̀ kúrò. Nínú ṣampú àti àwọn ohun tí a ń fi omi ṣàn, 0.0015% ni wọ́n gbà láyè mọ, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpara tí àbúrò mi kì í fọ̀ kúrò ló wà nínú rẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń fi pa ìpàkọ́ àti etí irun.

Nígbà tí a gbé ike náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, orúkọ yẹn ni ó kọ́kọ́ fi ìka tọ́. Ó ní àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń lẹ èròjà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn èèyàn fún ọjọ́ méjì láti mọ èyí tó jẹ̀bi gan-an, ṣùgbọ́n kí àbúrò mi kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìpara náà ná. Ó jáwọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yíyún náà lọ. Òrí kan ṣoṣo tí a dá lẹ́bi kò mọ̀wọ̀n mẹsẹ̀.

Ẹ rí i pé gbígbé ike dání ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá kàn sọ fún dókítà pé ìpara kan ló ń yún yín, kò rí nǹkan dì mú. Bó bá ka ìlà yẹn, ó ní afurasí.

Àwọn mẹ́rin mìíràn wà tí ẹ lè máa ṣọ́: `DMDM Hydantoin`, `Imidazolidinyl Urea`, `Diazolidinyl Urea` àti `Quaternium-15`. Iṣẹ́ dídènà ìbàjẹ́ ni àwọn náà ń ṣe, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n ń tú fọmadiháìdì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fọmadiháìdì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń fa jẹjẹrẹ bí èèyàn bá ń mí i símú púpọ̀. Nínú ìpara, ìwọ̀n rẹ̀ kéré, ohun tó sábà máa ń fà ni yíyún àti èélá. Ẹni tí awọ orí rẹ̀ kì í tètè bínú lè lò ó kó má rí nǹkan kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń tètè yún, kó yan òmíràn.

Ohun tí àkọlé kò ní sọ fún yín

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín: kíka àkọlé ní ibi tó mọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, `Parfum`, lè jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan olóòórùn dídùn tí wọn kò kọ síbẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan ní ilé ìwádìí Silent Spring ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Ohun ìtọ́jú irun 18 tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń lò ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì ń wá kẹ́míkà 66 nínú wọn. Wọ́n rí 45. Nínú àwọn tí wọ́n rí, 84% ni kò sí lára àkọlé rárá.

Ìyẹn ò ní ká má ka àkọlé mọ́. Ohun tó kọ́ wa ni pé bí ohun tí a ń pa bá ṣe kéré tó, tí òórùn lọ́fínńdà inú rẹ̀ kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀ ṣe ń dín kù. Fún ọmọdé àti ẹni tí ara rẹ̀ ń tètè yún, èyí tí kò ní `Parfum` ló dára jù.

Nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìṣeléèjọ́, ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é náà gbọ́dọ̀ wà lára ike. Bí kò bá sí àdírẹ́sì, ta lẹ ó mú bó bá ṣe yín léṣe? Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nọ́ńbà NAFDAC kò sọ fún yín pé òrí pọ̀ nínú ìpara. Ìlà èròjà nìkan ló lè sọ ìyẹn. Bí ẹ bá tún rí àwòrán ike kékeré tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, tí wọ́n kọ `12M` sí, oṣù 12 ni kí ẹ fi lò ó tán lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà

Lẹ́yìn tí orí àbúrò mi balẹ̀, a pinnu pé òrí gidi àti òróró àgbọn gidi la ó ra lọ́tọ̀. A lọ sí Ọjà Bódìjà. Màmá kan tẹ́ igbá òrí sílẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Òrí yìí ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é?"

"Ọmọ mi, ti Òkè-Ògùn ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dé."

"Mà, ẹ má bínú o, ìgbà tó dé kọ́, ìgbà tí wọ́n ṣe é ni mò ń bèèrè."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti ra òrí tó ti bàjẹ́ rí, àbí? Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe é. Gbóòórùn ẹ̀ wò."

Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, òórùn ni ká kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Òrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní òórùn èso yíyan, ó lè ní èéfín díẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ máa ń ta símú kíkan, bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá. Òrí tí kò ní òórùn rárá kì í ṣe ayédèrú dandan, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti sẹ́ ní ilé iṣẹ́. Àwọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí àwọn kan máa ń fi gbòǹgbò igi tàbí epo pupa díẹ̀ pa á láró kó lè pọ́n. Bó bá sì ní hóró wínníwínní tó dà bí gàrí, ẹ má pariwo. Ó ti yọ́ nínú oòrùn rí, tó sì rọra dì padà ni. Ẹ fi ọwọ́ ra á, hóró náà á yọ́.

Ra díẹ̀ kọ́kọ́ lọ dán an wò nílé. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun méjì òrí sínú ife tí inú rẹ̀ hàn síta, ẹ gbé ife náà sínú omi gbígbóná títí òrí yóò fi yọ́ pátá, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 láìmì í. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá mọ́ tónítóní, ó dára. Bí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá sílẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan lú u. Bí omi bá kó jọ sísàlẹ̀, wọn kò sè é gbẹ dáadáa, irú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ bu. Ohun tí àyẹ̀wò yìí kò lè mú ni ọ̀rá mìíràn tó ti yọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ ní oníbàárà kan tó mọ ẹni tó ń ṣe é, tí ẹ lè padà lọ bá bí kò bá dáa.

Ti òróró àgbọn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń dì bí otútù bá lọ sí ìsàlẹ̀ nǹkan bíi 24°C. Nítorí náà, ó lè wà ní ṣíṣàn lọ́sàn-án Ìbàdàn, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Ẹ gbé ìgò náà sínú fíríìjì di òwúrọ̀. Tí ojúlówó bá ni, gbogbo rẹ̀ á dì funfun bálaú. Bí òróró ṣíṣàn bá ṣẹ́ kù lórí rẹ̀, òróró mìíràn ti wọ ibẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò lè dá àdín mọ̀, torí àdín náà máa ń dì. Èyí tí wọ́n dín èkùrọ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ á tú u fó.

Kí ló dé tí a fi yan àgbọn? Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ méjì láti Íńdíà, Rele àti Mohile, tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi òróró àgbọn, òróró òdòdó oòrùn àti òróró rọ̀bì sí irun, tí wọ́n sì wọn purotéènì tí irun pàdánù nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tí wọ́n sì yà á. Òróró àgbọn nìkan ló dín àdánù náà kù dáadáa. Ìdí ni pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ásíìdì lọ́ríìkì, tó kéré tó sì tọ́ gbọnrangandan, tó fi lè wọ inú ẹyọ irun. Òróró rọ̀bì kì í wọlé ní tirẹ̀, ìta ló ń dúró sí. Ásíìdì yìí pọ̀ nínú àdín náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbọn, àmọ́ wọn kò dán àdín wò nínú iṣẹ́ yẹn.

Bí àbúrò mi ṣe ń ṣe é báyìí

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìfọrun, ó máa ń pín irun sí mẹ́rin, á fi òróró àgbọn pa á láti àárín irun dé ṣóńṣó, ṣíbí ìjẹun kan sí méjì fún gbogbo orí. Lọ́jọ́ kejì, á fi ṣampú fọ̀ ọ́, á fi kọndíṣọ́nà ṣàn án. Nígbà tí irun ṣì tutù, tí omi kò kàn án kán mọ́, á ra òrí tó tó hóró ẹ̀pà kan láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí á fi yọ́, á sì fi pa ìdá kan irun. Hóró ẹ̀pà kan fún ìdá kọ̀ọ̀kan ti tó. Ó tún ní ìpara tuntun kan, èyí tí òrí wà ní ipò kẹta nínú ìlà rẹ̀, tí kò sì ní `Methylisothiazolinone`.

Kó tó fi ìpara tuntun náà kan orí, ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ tó fẹ̀ bíi owó ẹyọ sí inú ìgúnwọ́, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ má fi í sí i lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sọ pé ó ti dáa o. Irú àìbáramu yìí kì í yọjú lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn míì tilẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá sì ti yún yín tẹ́lẹ̀, ẹ má tún un dán wò nílé, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Irun ìpàkọ́ rẹ̀ ti ń hù padà. Ike ìjọ́sí ṣì wà lórí fèrèsé wa. Màmá wa fẹ́ sọ ọ́ nù, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan nínú ilé bá fẹ́ ra ìpara, á kọ́kọ́ gbé e, á yí i sẹ́yìn, á wá ibi tí `Phenoxyethanol` wà, lẹ́yìn náà ni á wá wo ibi tí òrí jókòó sí.